Ọ̀rọ̀ Ìṣẹ́jú 16

Nígbà tí àwọn olótùú ìwé ìrántí àjọ̀dún yìí kọ̀wé sí wa pé kí a fi nǹkan ránṣẹ́, a mọ ohun tí wọ́n ń retí: ìtàn agogo ìdájí, ẹ̀wà ọjọ́ Sátidé, pápá bọ́ọ̀lù, àti orúkọ ìnagijẹ tí a sọ àwọn olùkọ́ wa. A ti kọ irú rẹ̀ rí, àwọn tí ó sì mọ̀ ọ́n kọ jù wá lọ kò ṣàìsí nínú ìwé yìí. Lọ́dún yìí, ohun tí ó wà lọ́kàn wa ni ọ̀rọ̀ kan tí kò ju ìṣẹ́jú 16 lọ, èyí tí ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa tuntun fi fi ara rẹ̀ hàn fún àwọn òbí ní ìpàdé àkọ́kọ́ ní sáà kìn-ín-ní ọdún ẹ̀kọ́ tí ó kọjá. Àwa tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde rán lọ síbẹ̀ jókòó ní ìlà kẹta láti ẹ̀yìn. A lọ láti kí i káàbọ̀ ni. A kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yóò kàn wá.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀wàrà, ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé. Òjò ti rọ̀ láti òru, síbẹ̀ gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn ọmọkùnrin ń ru àga wá láti inú kíláàsì. Ìdí tí èrò fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Ọ̀gá tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tí ó gba ipò rẹ̀ wá láti ìlú mìíràn, obìnrin ni, obìnrin kò sì jókòó sórí àga náà rí láti ìgbà tí a ti dá ilé-ẹ̀kọ́ wa sílẹ̀. Àwọn kan ti gbọ́ pé ó le. Àwọn mìíràn ti gbọ́ pé ó rọ̀. Olúkúlùkù wá wo èyí tí ó jẹ́ òtítọ́.

Àwa tí a ti ń ṣe iṣẹ́ àlùfáà láti ọjọ́ pípẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú kí ènìyàn dìde níwájú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà pé ìwàásù Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ ní ìjọ tuntun ni ìjọ fi í mọ irú olùṣọ́-àgùntàn tí ó dé sí wọn, àti pé ọ̀fìn mẹ́ta ni ó wà lójú ọ̀nà náà. Àkọ́kọ́ ni kí ẹni tuntun fi ìdajì àkókò rẹ̀ kí àwọn ẹni ńlá tí ó wà nínú ilé, kí etí tó sì gbọ́ ọ̀rọ̀, ara ti rẹ etí. Èkejì ni kí ó ka ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń tajà. Ẹ̀kẹta ni ó burú jù: kí ó máa sọ bí ilé ti rí nígbà tí ó dé, kí àwọn ènìyàn lè mọ̀ pé ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ kò ṣe dáadáa. A ti já sínú ọ̀fìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà èwe wa. Nítorí náà, bí obìnrin náà ti dìde, a ń fi ojú oníṣẹ́ wò ó.

Alága Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́ ti ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ láti inú bébà kan: oyè àkọ́kọ́, oyè kejì, àwọn ẹgbẹ́ tí ó wà. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì fi tábìlì sílẹ̀, ó bọ́ síwájú. Ìyá àgbà mélòó kan tí wọ́n wá ní ipò òbí jókòó ní ìlà iwájú. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wọn, ó yíjú sí àwọn bàbá, ó kí wọn, ó wá kí gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìkíni náà kò gba ìṣẹ́jú kan.

Èdè Yorùbá ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnu yà wá, nítorí pé láti ọdún pípẹ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi í ṣe ìpàdé náà, tí àwọn ìyá tí ó ń ta ọjà yóò sì jókòó wẹ́rẹ́ títí yóò fi parí, kí wọ́n tó bi ọmọ wọn lójú ọ̀nà ilé pé kí ni wọ́n sọ. Ó ní, “Ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́ ọ láti ẹnu mi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún yín.” Ó bẹ ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá pé òun yóò tún un sọ fún un lẹ́yìn ìpàdé, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn òbí mẹ́rin.

Ó sọ orúkọ rẹ̀. Ó ní ọmọ oníṣòwò gaàrí ni òun, ní ìlú kékeré kan ní apá Ìjẹ̀bú, pé ìyá òun kò kàwé ṣùgbọ́n ó mọ ìṣírò ju olùtajà mìíràn lọ, nítorí pé orí ni ó fi ń ṣe é. Ó ní bóyá nítorí èyí ni òun fi di olùkọ́ ìṣírò. Ó ti kọ́ ọ fún ọdún 24, ní ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin. Ó ní òun kò ní fi í sílẹ̀ nítorí pé òun di ọ̀gá. Kíláàsì kan yóò jẹ́ ti òun. “Ohun tí alága kà nípa mi, òtítọ́ ni,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n kò sí ohun kan níbẹ̀ tí yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ mí. Ohun tí yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ mí kò sí nínú bébà náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún yín.”

Gbọ̀ngàn dákẹ́.

Ó ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, òun jẹ́ igbá-kejì ọ̀gá ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, tí òun kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ tí òun fẹ́ jẹ́wọ́ jẹ́ ti òun. Ìdánwò àṣejáde ti Wáẹ̀kì ń lọ lọ́wọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìṣírò, nígbà tí ìwé kejì ìdánwò náà ti bẹ̀rẹ̀, tí í ṣe apá tí ọmọ gbọ́dọ̀ ti fi bí ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ hàn, òun ń rìn lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun gba ojú fèrèsé rí i pé ẹnì kan ń kọ ìdáhùn sí ara pátákó. Alábòójútó tí Wáẹ̀kì rán wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí pátákó, ó ń mu ohun mímu tútù. Òun mọ ohun tí òun rí. Òun gbé ojú kúrò, òun sì ń bá ọ̀nà òun lọ. Ó ní, “N kò kọ nǹkan kan sí pátákó. N kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kàn rìn kọjá ni.”

Ní oṣù Kẹjọ, èsì jáde, ṣùgbọ́n wọ́n dá èsì ìṣírò gbogbo ọmọ 64 tí ó wà nínú gbọ̀ngàn náà dúró. Nígbà tí ó yá, wọ́n fagi lé e. Ó wá ṣàlàyé bí àwọn tí ń máàkì ṣe mọ̀, a sì rí i pé ọ̀pọ̀ òbí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, nítorí wọ́n na ọrùn síwájú. Ó ní àwọn òbí a máa rò pé bí kò bá ti sí ẹni tí ó mú ọmọ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tí ó tọ̀nà kì í tú àṣírí, nítorí pé ọgọ́rùn-ún ọmọ lè gba ohun tí ó tọ̀nà láìwo ara wọn. Àṣìṣe ni ó ń tú àṣírí. Ọ̀nà tí ènìyàn fi ń ṣìnà pọ̀ lọ jàra. Ọmọ 64 kò lè ṣìnà sí ibì kan náà, ní ìlà kan náà, bí kò ṣe pé ẹnì kan ni ó ṣáájú wọn.

Ó ní kí wọ́n gbé pátákó kékeré kan wá, ó sì kọ ìbéèrè náà sí i: x² − 5x − 14 = 0. Ó ní kí a má bẹ̀rù, kò ní dá wa padà sí kíláàsì. Nọ́ńbà méjì ni ìbéèrè náà ń wá, èyí tí ó bá jẹ́ pé a fi ọ̀kan di ipò x, ohun gbogbo yóò di òdo. Èkínní ni 7. Èkejì ni −2, èyí tí ó kéré sí òdo ní ìwọ̀n méjì. Ó fi 7 dán an wò níwájú wa: 49, a yọ 35, ó ku 14, a yọ 14, ó di òdo. Ó fi −2 dán an wò: 4, a fi 10 kún un, ó di 14, a yọ 14, ó di òdo. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kọ ọ́ sí pátákó lọ́jọ́ náà ń kánjú, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó gbàgbé ìlà kékeré tí ó wà níwájú 2. Ó kọ 7 àti 2. Ó wá fi 2 dán an wò: 4, a yọ 10, a yọ 14, ó di −20. Kò di òdo. Ọmọ tí ó bá yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò fún ìṣẹ́jú kan ì bá rí i. Gbogbo ọmọ 64 ni ó kọ 7 àti 2.

“Lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé èsì náà,” ni ó wí, “ọmọbìnrin kan wá bá mi ní ọ́fíìsì. Òun ni ó mọ ìṣírò jù nínú wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti gbà á, kìkì èsì náà ni ó kù. Ó ní, ‘Mà, mo ti gba −2. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó kọ tiwọn. Nígbà tí mo rí ti ara pátákó, mo fa tèmi nù. Mo rò pé pátákó kò lè parọ́.’”

Ó dúró díẹ̀. Kò sunkún, kò sì gbé ohùn sókè. Ó ní ọmọ náà tún ìdánwò kọ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó yege, ṣùgbọ́n àyè tí ó ti ní ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní òun ti kọ́ ọmọ náà fún ọdún mẹ́ta pé kí ó gbẹ́kẹ̀ lé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, òun sì gba ìṣẹ́jú kan péré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti kọ́ ọ pé kí ó má gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́. “Èmi ni ẹni tí wọ́n yàn fún yín,” ni ó wí. “Ẹni tí ó ti gbé ojú kúrò rí ni mí. Mo ti pinnu pé n kò ní gbé e kúrò mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí lónìí, nígbà tí àkókò ṣì wà, kì í ṣe ní oṣù Kẹrin.”

Láti ìgbà tí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfihàn, a kò tíì rí ẹni tí ó fi ìjákulẹ̀ ara rẹ̀ ṣe ìwé-ẹ̀rí. A mọ bí ìjẹ́wọ́ ti rí nínú ìwàásù. Ó rọrùn láti fi í wá àánú àwùjọ. Ohun tí ó mú kí tirẹ̀ yàtọ̀ ni pé kò dúró síbẹ̀. Ó yí ojú ewé kan, ó sì bọ́ sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tiwa.

Ó ní láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìwọlé ni òun ti ń ka àwọn ìwé máàkì ilé-ẹ̀kọ́, àti pé ní ọ̀sẹ̀ kejì ìwọlé, òun fún àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ní ìdánwò ìṣírò láti inú àwọn ìbéèrè àtijọ́. Ọmọ 78 ni ó jókòó. Àwọn 22 ni ó gba ìdajì máàkì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò dárúkọ ọmọ kankan, kò sì bú olùkọ́ kankan. Nípa ọ̀gá tí ó ṣáájú rẹ̀, gbólóhùn kan ni ó sọ: pé òrùlé gbọ̀ngàn tí òjò kò jò sí wa lára lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọkùnrin náà ni ó ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí àwọn òbí fi lè mọ̀ bí èsì kan bá jẹ́ ti ọmọ wọn ní tòótọ́. “Ẹ máa gbé máàkì inú ilé ka ẹ̀gbẹ́ ti ìta. Bí wọ́n bá jìnnà sí ara díẹ̀, ìyẹn kò burú, ọmọ lè tara ṣàṣà ní oṣù ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n bí ti inú ilé bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ti ìta wà lórí òrùlé, ẹ béèrè ẹni tí ó gbé àkàbà wá.”

Ọ̀pọ̀ nínú wa wolẹ̀. Èsì ọdún tí ó kọjá ṣì wà lára ògiri ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà, tí a fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ pé mẹ́sàn-án nínú ọmọ mẹ́wàá ni ó gba kírẹ́díìtì nínú ìṣírò. Kò na ìka sí i. Kò sì sí ẹni tí kò rántí pé òun ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé.

Ètò tí ó là sílẹ̀ kò pọ̀. Láti oṣù Ọ̀wàrà títí di òpin oṣù Kẹta, tí a bá yọ ìsinmi kúrò, ọ̀sẹ̀ 20 ni ó kù. Àwọn ọmọ àṣekágbá yóò dúró lẹ́yìn ìparí ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀ níwájú wa: wákàtí 120. Wọn yóò pín sí ọ̀wọ́ mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí agbára wọn, òun fúnra rẹ̀ yóò sì kọ́ ọ̀wọ́ tí ó rẹ̀yìn jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ìwé ìdánwò kékeré tí a ti máàkì yóò wá sí ilé, òbí yóò sì fọwọ́ sí i. Òbí tí kò mọ̀wé kọ yóò tẹ̀ka. Ó ní òun kò fẹ́ kí òbí yẹ ìṣírò wò. Òun fẹ́ kí òbí rí máàkì náà nígbà tí nǹkan ṣì lè yí padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí òun, ní ọjọ́rú láti aago méjì sí mẹ́rin, ilẹ̀kùn òun yóò ṣí sílẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí ó jókòó nígbà tí ó mú ìwé ìṣúná owó ẹgbẹ́ òbí tí wọ́n pín fún wa. Ó ní kí a ṣí ojú ewé kejì, kí a wo ìlà keje. Ohun tí a kọ síbẹ̀ ni “Ìtọ́jú àlejò ní àsìkò ìdánwò,” pẹ̀lú iye tí òbí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò dá. Ó ní, “Alábòójútó ìdánwò ní owó iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ó rán an. Tí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa, a óò fún un ní àga àti omi mímu. Èyí kò tó owó tí a ń dá sí. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a fa ìlà keje nù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè owó kankan lọ́wọ́ yín ní orúkọ ìdánwò, kí ẹ mú un tọ̀ mí wá, ìbáà ṣe olùkọ́, ìbáà ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òbí.” Ó rán wa létí pé láti ọdún 1999 ni òfin ti wà ní ilẹ̀ wa tí ó sọ màgòmágó ìdánwò di ẹ̀ṣẹ̀ tí ilé-ẹjọ́ lè tìtorí rẹ̀ sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n, àti olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Ó dúpẹ́, ó sì jókòó.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá. Ìlà keje kì í ṣe ohun tuntun. Ọdún mélòó kan ni ó ti wà níbẹ̀, tí owó rẹ̀ ń lọ sókè. Aṣojú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde a máa jókòó nígbà tí wọ́n bá ń ka ìṣúná náà, àwa kan náà ni a sì ń pè láti gbàdúrà ìparí. A mọ ohun tí “ìtọ́jú àlejò” túmọ̀ sí. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ fún wa, a kò sì béèrè. A gbàdúrà sórí rẹ̀, a sì lọ jẹun. Obìnrin yìí kọjá lójú fèrèsé lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Àwa ti ń kọjá níbẹ̀ lọ́dọọdún nínú ẹ̀wù funfun.

Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn òbí béèrè ọ̀rọ̀, bàbá kan dìde ní àárín. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. A mọ̀ ọ́n, mẹkáníìkì ni, ó sì ti san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mẹ́ta níbẹ̀ láìjẹ gbèsè. Ó ní, “Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Òtítọ́ ni ẹ sọ. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní òpópónà kejì ń ṣe é. Ọmọ wọn àti ọmọ mi yóò jọ du àyè kan náà ní yunifásítì. Bí tiwọn bá mú kírẹ́díìtì lọ síbẹ̀, tí tèmi mú òtítọ́ lọ, èwo ni wọn yóò gbà?” Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Kò sí ìbéèrè tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà.

Ó dìde dá a lóhùn. “Bàbá, ìbéèrè yín tọ̀nà, n kò sì ní tàn yín. Ó ṣeé ṣe kí iye àwọn tí yóò yege lọ́dún yìí dín. Bí mo bá ṣèlérí ohun mìíràn, irọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí mo lè ṣèlérí ni wákàtí 120, àti pé n kò ní jẹ́ kí wọ́n dá èsì ọmọ yín dúró nítorí ohun tí ẹlòmíràn kọ sí pátákó. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ sọ yẹn, bí ó bá bọ́ lọ́dún yìí, ó lè má bọ́ lọ́dún tí ń bọ̀, ọmọ tí ó mọ̀wé àti èyí tí kò mọ̀wé ni yóò sì jọ san án. Bí ẹ bá rò pé ewu èyí tóbi jù fún ọmọ yín, n kò ní bínú bí ẹ bá mú un lọ. Mo kàn bẹ̀ yín pé kí ẹ bi ọmọ náà léèrè kí ẹ tó mú un lọ.”

Wọ́n dìbò lórí ìlà keje. Ó kọjá, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú ohùn kan. Àwa náà na ọwọ́ sókè, a sì sọ fún ìpàdé ìdí tí ojú fi ń tì wá bí a ti ń nà án.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí. Ṣáájú kí ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò tó parí, òbí márùn-ún mú ọmọ wọn kúrò ní kíláàsì àṣekágbá. Mẹkáníìkì náà kò sí lára wọn. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó ní òun kò lọ. Ní oṣù Kejì, olùkọ́ kan fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìdánwò dé, ọ̀gá náà gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níta fèrèsé gbọ̀ngàn, ibẹ̀ ni ó sì jókòó sí ní gbogbo ọjọ́ ìdánwò láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Nígbà tí èsì jáde ní oṣù Kẹjọ, nínú ọmọ 73 tí ó ṣẹ́kù, 44 ni ó gba kírẹ́díìtì nínú ìṣírò. Kò tó mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá; kò tilẹ̀ tó méje. Ṣùgbọ́n wọn kò dá èsì ẹnì kankan dúró, àwọn 22 tí ó gba ìdajì ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ sì ti di 44 ní òpin.

Nígbà tí a ń ṣètò ìwé àjọ̀dún yìí, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa dá a lábàá pé kí a fo èsì ọdún yìí, kí a tẹ ti ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ ayọ̀ ni àjọ̀dún, àwọn òbí tuntun yóò sì kà á. Wọn kò ní ọkàn burúkú. Ilé-ẹ̀kọ́ wọn ni wọ́n fẹ́ràn. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tẹ 44 náà, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó dá dúró bí ó ti rí. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tí a kò mọ̀ rí ni ó mú wa sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti gba −2, ó sì fà á nù nítorí ohun tí àwọn àgbà kọ síwájú rẹ̀. Ìwé àjọ̀dún pẹ̀lú jẹ́ pátákó kan. A kò fẹ́ kí ọmọ kankan ní ilé-ẹ̀kọ́ wa tún wo ohun tí a kọ sí i, kí ó sì torí rẹ̀ fa ohun tí ó tọ̀nà nù.